Àpótí Oníhò: Owó Ọrẹ Kì Í Wà Láìní Ẹlẹ́rìí

1/ Ẹ̀yin tèmi, ìtàn ni mo gbé wá lónìí, àmọ́ ìtàn owó ni. Owó ọrẹ. Mo mọ̀ pé ara àwọn kan ti ń gbóná, ẹ fara balẹ̀. Mi ò wá bú pásítọ̀ kankan. Wọ́n ní kí n bá àwọn aṣáájú ìjọ wa kọ ìwé ẹ̀kọ́ kékeré kan lórí iṣẹ́ ìríjú, ohun tí mo bá pàdé níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

2/ Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ìjọ wa ń dá owó òrùlé, ó di ọdún kẹta báyìí. Nígbà tí àjọ kan màmá mi lọ́dún tó kọjá, ó kó gbogbo ẹ̀ sínú ẹ́ńfílóòpù, ó kọ ÒRÙLÉ sí i lára gàdàgbà. Òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí àga tí màmá mi jókòó lé gan-an. Ó wò mí, mo wò ó. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn sún síwájú díẹ̀.

3/ Mo béèrè níbi ìpàdé pé, ẹ jọ̀ọ́, èló ló wà nílẹ̀? Bàbá alàgbà kan dáhùn pé, "Ọmọ mi, ẹni tó bá fún Ọlọ́run lówó kì í béèrè ìṣirò. Àwọn òyìnbó ló kó àṣà ìṣirò yìí dé." Àwọn kan ṣe àmín. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ lo kàwé. Lọ wádìí ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀, a ó fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́." Mo ní ó ti yá, sà.

4/ Mo wádìí ẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìṣirò owó ilé Ọlọ́run ti wà ní Jerúsálẹ́mù kí ẹnikẹ́ni tó dá báńkì sílẹ̀, kódà kí wọ́n tó máa fi owó ẹyọ náwó níbẹ̀. Ó wà nínú Bíbélì tí gbogbo wa ń gbé lọ sí ìjọ. Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 12. Ẹ jẹ́ ká lọ.

5/ Ọba kan wà ní Júdà tó ń jẹ́ Jóáṣì. Nígbà tó wà ní ìkókó, ìyá bàbá rẹ̀, Ataláyà, pa àwọn ọmọ ọba kó lè jọba. Wọ́n gbé Jóáṣì sá pamọ́ sínú tẹ́ńpìlì fún ọdún mẹ́fà. Ẹni tó dáàbò bò ó, tó sì fi í jọba nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, ni Jèhóiádà àlùfáà. Ẹ fi èyí sọ́kàn o: bàbá ni Jèhóiádà jẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tá sí ọ̀tá.

6/ Tẹ́ńpìlì ti bàjẹ́. Jóáṣì pàṣẹ fún àwọn àlùfáà pé kí wọ́n máa gba owó tí àwọn èèyàn ń mú wá: owó orí tí wọ́n ká fún kálukú, owó ẹ̀jẹ́, àti owó tí ọkàn èèyàn fúnra rẹ̀ bá sún un láti mú wá. Kí àlùfáà kọ̀ọ̀kan gbà á lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sì fi tún ibi tó bá bàjẹ́ ṣe. Ètò náà dára létí, àbí? Owó ń wọlé, àwọn tó ń gbà á wà, iṣẹ́ náà sì wà níwájú wọn.

7/ Ó di ọdún kẹtàlélógún tí Jóáṣì ti wà lórí oyè, wọn ò tíì tún nǹkan kan ṣe. Ibi tó gbà mí lọ́kàn nìyí: Bíbélì kò sọ níbì kankan pé àwọn àlùfáà jalè. Kò fi ẹ̀sùn olè kan ẹnì kan. Owó kàn ń wọlé, owó ń jáde, ilé ò sì tún un ṣe.

8/ Báwo nìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀? Ẹ wo ètò yẹn dáadáa. Ọwọ́ tó ń gba owó oúnjẹ àlùfáà náà ló ń gba owó àtúnṣe. Inú àpò kan náà ni méjèèjì ń bọ́ sí. Oúnjẹ kì í dúró de ọ̀la, ògiri tó sán lè dúró. Tí méjèèjì bá wà nínú àpò kan, ohun tó bá ń pariwo jù lónìí ló máa jẹ owó náà. Kò dìgbà tí èèyàn bá burú.

9/ Níbí ni mo ti rántí òrùlé wa. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni jí owó màmá mi. Àmọ́ epo jẹnẹrétọ̀ kì í dúró. Owó oṣù ẹni tó ń tẹ dùùrù kì í dúró. Òrùlé nìkan ló máa ń ní sùúrù.

10/ Kí ni Jóáṣì ṣe? Ó pe Jèhóiádà àti àwọn àlùfáà yòókù, ó bi wọ́n léèrè. Kò lé ẹnì kan kúrò níṣẹ́. Wọ́n jọ fẹnu kò pé àwọn àlùfáà kò ní gba owó yẹn sọ́wọ́ mọ́, àtúnṣe náà kò sì ní wà lọ́rùn wọn mọ́. Lẹ́yìn náà Jèhóiádà fúnra rẹ̀ gbé àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, lápá ọ̀tún bí èèyàn bá ń wọlé. Owó tó bá dé, inú ihò yẹn ló ń gbà wọlé. Ihò náà gba owó, kò gba ọwọ́.

11/ Nígbà tí owó bá pọ̀ nínú àpótí, ẹni méjì ló máa ń wá: akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà. Ọ̀kan láti ààfin, ọ̀kan láti tẹ́ńpìlì. Wọ́n á jọ kà á, wọ́n á sì dì í sínú àpò. Fàdákà tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ni owó nígbà yẹn, torí náà kíkà yẹn gba àkókò, kò sì ṣeé ṣe ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gbé e fún àwọn alábòójútó iṣẹ́, àwọn ìyẹn á sì fi san owó fún gbẹ́nàgbẹ́nà, ọ̀mọ̀lé àti agbẹ́kùúta, wọ́n á sì fi ra pákó àti òkúta.

12/ Ohun méjì míì wà níbẹ̀ tí èèyàn lè kà kọjá. Àkọ́kọ́, wọn ò fi owó àpótí yẹn ṣe ife fàdákà tàbí fèrè fún tẹ́ńpìlì nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Owó àtúnṣe, àtúnṣe nìkan. Ìwé Kíróníkà Kejì, orí 24, fi kún un pé nígbà tí iṣẹ́ parí tí owó ṣẹ́ kù, wọ́n gbé ìyókù wá síwájú ọba àti Jèhóiádà, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ṣe ohun èlò. Èkejì, owó ẹbọ tó jẹ́ ti àwọn àlùfáà ṣì jẹ́ tiwọn, wọn ò kó o sínú àpótí. Ẹnikẹ́ni ò febi pa àlùfáà nítorí òrùlé.

13/ Mo ti mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ: "Ẹsẹ 15 ńkọ́?" Òótọ́ ni, ẹsẹ yẹn sọ pé wọn ò bá àwọn alábòójútó iṣẹ́ yẹn ṣírò, torí pé olóòótọ́ ni wọ́n. Ẹsẹ tí bàbá alàgbà wa dì mú nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ibi tó wà nínú ìtàn. Kí owó tó dé ọwọ́ àwọn alábòójútó yẹn, ó ti gba inú ihò kọjá, ẹni méjì láti ilé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti kà á, wọ́n ti dì í lápò. Iye tí wọ́n gbé fún wọn ti di mímọ̀. Ohun tí wọ́n fi ṣe sì wà lójú gbogbo ayé: ògiri ni, ẹni bá wọlé á rí i. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ọ̀rọ̀ olóòótọ́ wá wọlé. Àwa fẹ́ fi ẹsẹ 15 bẹ̀rẹ̀, ká sì fo ẹsẹ 9 àti 10.

14/ Ṣé ètò yìí wá pé pérépéré? Rárá. Orí ẹni méjì ló dúró lé. Kíróníkà sọ fún wa pé nígbà tí Jèhóiádà kú, Jóáṣì yí padà, kódà ó pàṣẹ kí wọ́n pa ọmọ Jèhóiádà. Nígbà tí Hásáẹ́lì ọba Síríà sì dìde sí Jerúsálẹ́mù, Jóáṣì kó wúrà inú ilé ìṣúra tẹ́ńpìlì ránṣẹ́ sí i kó lè padà lẹ́yìn òun. Ẹlẹ́rìí kejì ti kú. Ètò tó bá dúró lórí ìwà rere ẹni méjì nìkan máa ń bá wọn wọ sàréè.

15/ Ẹ jẹ́ ká fo bí ẹgbẹ̀rin ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká bọ́ sọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù. Àwọn onígbàgbọ́ ní Jerúsálẹ́mù wà nínú àìní, Pọ́ọ̀lù ń gba owó jọ fún wọn láti àwọn ìjọ Makedóníà àti Ákáyà. Tí ẹnikẹ́ni bá wà tó lè sọ pé "ẹ gbà mí gbọ́, Àpọ́sítélì ni mí," òun ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní, orí 16, ó ní kí àwọn ará fúnra wọn yan àwọn tó máa gbé owó náà lọ, òun á fún wọn ní ìwé. Tó bá sì yẹ kí òun náà lọ, wọ́n á jọ lọ ni.

16/ Nínú Kọ́ríńtì Kejì, orí 8, ó rán Títù, ó sì fi arákùnrin méjì míì tì í. Ọ̀kan nínú wọn, àwọn ìjọ ló yàn án, kì í ṣe Pọ́ọ̀lù. Ó wá sọ ìdí rẹ̀: owó náà pọ̀, òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀sùn fi kan àwọn, òun sì ń wá ohun tó dára lójú Ọlọ́run àti lójú èèyàn pẹ̀lú. Ẹ gbọ́ ìyẹn, lójú èèyàn pẹ̀lú. Gbólóhùn "Ọlọ́run mọ ọkàn mi" kò tó Pọ́ọ̀lù fún ọ̀rọ̀ owó.

17/ Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti Jóáṣì ni pé àwọn tó dá owó ló yan ẹlẹ́rìí báyìí. Ẹlẹ́rìí tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ bá yàn, ọmọ ọ̀gá ni. Ìjọ tí akápò jẹ́ ìyàwó pásítọ̀, tí ẹni kejì tó ń kà á jẹ́ àbúrò rẹ̀, ẹni méjì ló wà lórí ìwé, ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

18/ Ibi kẹta tí mo dé, mi ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí láyé mi. Ọdún 449. Bíṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìlú Édẹ́sà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Úrúfà ní Tọ́kì lónìí. Íbásì lorúkọ rẹ̀. Àwọn àlùfáà rẹ̀ kan fẹ̀sùn kàn án lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ọ̀kan nínú ẹ̀sùn náà ni pé owó tí wọ́n dá láti fi ra àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú padà, gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dé ibi tí wọ́n torí ẹ̀ dá a. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù míì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Nínú àdéhùn tí wọ́n fi parí ìjà, Íbásì gbà pé láti ìgbà náà lọ, àwọn ìríjú tí wọ́n yàn láàárín àwọn àlùfáà ni yóò máa bójú tó owó ìjọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Áńtíókù.

19/ Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 451, àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ péjọ sí Kalisédónì, tó ti di apá kan ìlú Ìsítáńbùlì báyìí. Ẹjọ́ Íbásì wá síwájú wọn, wọ́n dá a padà sípò rẹ̀. Àwọn òfin tí àpéjọ náà ṣe wà títí dòní. Òfin kẹrìndínlọ́gbọ̀n sọ pé ìjọ tó bá ní bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ní ìríjú pẹ̀lú, láti inú àwọn àlùfáà ìjọ náà, tí yóò máa bójú tó ohun ìní ìjọ. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é: kí àbójútó owó má bàa wà láìní ẹlẹ́rìí, kí nǹkan ìjọ má bàa ṣòfò, kí ẹ̀gàn má sì bá iṣẹ́ àlùfáà. Bíṣọ́ọ̀bù tó bá kọ̀, òfin á mú un.

20/ Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe rìn? Ti Jóáṣì, ìwà rere ẹni méjì ló gbé e ró. Ti Pọ́ọ̀lù, àwọn ìjọ ló yan ẹlẹ́rìí. Ti Kalisédónì, ó di òfin tó wà níbẹ̀ yálà ọ̀gá fẹ́ tàbí kò fẹ́. Wọ́n sì ní òfin náà ń dáàbò bo àlùfáà pẹ̀lú. Ẹni tó dá kówó, tó dá kà á, tí wọ́n bá pè é lólè lọ́la, ta ló máa jẹ́rìí fún un?

21/ Ó dáa, báwo la ṣe máa ṣe é nínú ìjọ kékeré lónìí? Mo fi àpẹẹrẹ kan sínú ìwé ẹ̀kọ́ yẹn. Iye tó rọrùn ni mo lò, kì í ṣe iye ìjọ wa gan-an. Ká sọ pé ìsìn parí. Ẹni mẹ́ta tí kì í ṣe ẹbí kan náà jókòó ti owó náà, nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Wọ́n kọ oríṣi owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀: ₦1,000 mẹ́rìndínláàádọ́ta, ₦46,000. ₦500 mọ́kànlélọ́gọ́ta, ₦30,500. ₦200 méjìdínlọ́gọ́fà, ₦23,600. ₦100 mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, ₦9,400. ₦50 ogójì, ₦2,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦111,500. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú kí wọ́n tó dìde.

22/ Nínú owó yìí, ẹ́ńfílóòpù tí wọ́n kọ òrùlé sí jẹ́ ₦38,000. Wọ́n kọ ọ́ sọ́tọ̀. ₦73,500 tó kù ni ti ìnáwó ojoojúmọ́. Bí ẹ ò bá ya èyí sọ́tọ̀ lórí tábìlì yẹn, ẹ ò ní lè yà á mọ́ láéláé. Ìdí tí Jóáṣì fi gbé àpótí ọ̀tọ̀ sílẹ̀ nìyẹn.

23/ Lọ́jọ́ Ajé, tẹ́là báńkì sọ pé ₦106,500 ló wọlé. ₦5,000 dà? Wọ́n fi ra epo jẹnẹrétọ̀ nírọ̀lẹ́ Ìsinmi. Epo náà wà, ẹnikẹ́ni ò jalè. Àmọ́ ìwé méjì ò bára mu mọ́, tó bá sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá irú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tó jẹ́ epo àti èyí tó jẹ́ nǹkan míì. Gbogbo ₦111,500 ló yẹ kó dé báńkì. Owó epo á jáde látinú owó kékeré tí ẹ ti yà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, rìsíìtì á sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ ṣe máa tètè mọ̀ bóyá nǹkan ń lọ déédéé ni pé kí ẹ gbé ìwé kíkà ẹgbẹ́ tẹ́là. Iye méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, náírà sí náírà.

24/ Ọ̀pọ̀ wa ń fi fóònù san ọrẹ báyìí, ihò àpótí ti kúrò lára pákó, ó ti di nọ́ńbà àkáǹtì. Torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, orúkọ ta ló wà lórí àkáǹtì yẹn? Tó bá jẹ́ orúkọ èèyàn kan, àpótí kò sí níbẹ̀, àpò ẹnì kan lẹ̀ ń kówó sí. Orúkọ ìjọ ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kó má sì ṣeé yọ owó níbẹ̀ láìsí ìbuwọ́lù ẹni méjì ó kéré tán.

25/ Ìròyìn fún ìjọ ńkọ́? Ìlà mẹ́rin ti tó fún owó òrùlé. Iye tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ₦900,000. Iye tó wọlé: ₦250,000. Iye tó jáde fún òrùlé: kò sí. Iye tó yẹ kó wà: ₦1,150,000. Ẹ wá wo báńkì, ₦750,000 lẹ bá níbẹ̀. Àlàfo ₦400,000. Tó bá jẹ́ pé wọ́n fi san owó oṣù ni, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: àpò ojoojúmọ́ jẹ àpò òrùlé ní gbèsè ₦400,000, yóò sì máa san ₦40,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá. Tí àpò ojoojúmọ́ ò bá lè san án, a jẹ́ pé ètò ìṣúná ìjọ fúnra rẹ̀ ló tóbi ju owó tó ń wọlé lọ. Ó ti pẹ́ tí òrùlé ti ń bo àṣírí yẹn.

26/ Mo ka gbogbo èyí fún àwọn òṣìṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí mo dé ẹsẹ 15, bàbá alàgbà ṣí Bíbélì wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ kẹrin, wọ́n kà á jẹ́ẹ́jẹ́ títí dé ìparí. Gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Ọdún kẹtàlélógún. Èmi náà ti ṣe alàgbà tó bẹ́ẹ̀." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò mọ bóyá wọ́n bínú.

27/ Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Ìlà mẹ́rin. Àlàfo wà níbẹ̀, kò kéré, wọ́n sì kọ ibi tó lọ: epo àti owó oṣù. Àwọn kan kùn. Màmá mi dúró síwájú ẹ̀, ó ka ìlà kejì lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Owó tèmi wà nínú èyí." Mo ní, bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó mi orí, ó wọlé lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Omi ṣì ń kán níbẹ̀ o. Àmọ́ ó ti mọ ibi tí owó rẹ̀ wà.

28/ Ìbéèrè mi fún yín nìyí, ẹ má dárúkọ ìjọ yín o: níbi tẹ́ ẹ ti ń sìn, ẹni mélòó ló ń ka owó ọrẹ, ta ló sì yàn wọ́n? Ẹ fi ránṣẹ́ sí akápò kan tẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kí ẹ má bàa ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ lọ ba ìpàdé jẹ́.